Bí A Ṣe Ń Mọ Ilé Iṣẹ́ àti Agbára Amúlétutù Láti Inú Fọ́tò

Ẹni tó ń ra amúlétutù tòkunbọ̀ àti ẹni tó ń tún un ṣe máa ń gba fọ́tò lórí WhatsApp, ìbéèrè kan náà ló sì máa ń tẹ̀ lé e: "Ẹ jọ̀ọ́, họ́sípáwà mélòó nìyí? Ọjà ilé iṣẹ́ wo ni?" Lọ́pọ̀ ìgbà, iwájú apá inú ilé nìkan ni wọ́n yà, funfun gbòò, àmì ilé iṣẹ́ kan lára rẹ̀. Fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò lè dáhùn ìkankan nínú ìbéèrè méjèèjì. Ẹ̀rọ méjì ni amúlétutù tí wọ́n so mọ́ ògiri: apá inú tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí yàrá, àti apá ìta tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ wà nínú rẹ̀. Apá ìta ló ń pinnu púpọ̀ nínú agbára ẹ̀rọ náà, síbẹ̀ òun ni àwọn ènìyàn kì í yà. Nítorí náà, ọ̀nà tí a fẹ́ tọ̀ níbí ni pé kí á wádìí apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí á wò ó bóyá wọ́n bára mu, kí á tó wá dárúkọ ilé iṣẹ́ tàbí agbára.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ béèrè fọ́tò tó yẹ

Fọ́tò márùn-ún ló tó. Èkíní ni iwájú apá inú, kí ògiri tó yí i ká hàn, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí ṣíwíìṣì tó wà lára ògiri náà sì wọ inú fọ́tò. Èkejì ni sítíkà ilé iṣẹ́ lára apá inú. Ẹ wò ó ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tàbí ti òsì, tàbí lábẹ́. Lára àwọn mìíràn, àfi kí ẹ gbé ìdérí iwájú sókè kí ẹ tó rí i. Ẹ̀kẹta ni odindi apá ìta láti iwájú. Ẹ̀kẹrin ni sítíkà apá ìta, èyí tó sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bí ènìyàn bá kọjú sí fáànù rẹ̀. Ìkarùn-ún ni ibi tí páìpù méjèèjì ti wọ apá ìta, kí fóònù dojú kọ àwọn nọ́ọ̀tì náà gbọọrọ. Ìkarùn-ún yìí ni ẹnikẹ́ni kì í rántí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gba ni sílẹ̀ nígbà tí sítíkà bá ti parẹ́.

Sítíkà apá ìta máa ń ní eruku, oòrùn sì máa ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Kí ẹni tó ń yà á kọ́kọ́ fi aṣọ tó rin díẹ̀ nù ún, láì ha á. Kó gbé fóònù tó bí 25 sẹ̀ǹtímítà sí i, kó fọwọ́ kan ojú fóònù níbi tí lẹ́tà wà kó lè hàn kedere, kó sì pa iná kámẹ́rà. Iná kámẹ́rà máa ń tàn padà lára sítíkà dídán, yóò sì sọ àárín rẹ̀ di funfun. Bí lẹ́tà bá ti ṣá, kí ẹlòmíràn tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kan ojú sítíkà náà. Ibi tí wọ́n ti tẹ lẹ́tà wọnú máa ń hàn bẹ́ẹ̀, kódà bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà fi fọ́tò ránṣẹ́ náà ń ba nǹkan jẹ́. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè kéré, 8 á wá dà bíi B, 5 á dà bíi S. Ẹ sọ fún ẹni náà pé kó fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò lásán.

Bí apá ìta bá wà lókè ilé tàbí lẹ́yìn báńkónì, ẹ má ṣe jẹ́ kí oníbàárà na ara jáde nítorí fọ́tò. Kó so fóònù náà mọ́ ọ̀pá gígùn, tàbí kó dúró de oníṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka sítíkà náà

Nọ́ńbà pọ̀ lórí sítíkà, àwọn tó ń ka á ní àkàkúrò sì máa ń mú èyí tí kì í ṣe agbára. Ohun tí à ń wá ni ìlà tí wọ́n kọ "Cooling Capacity" sí. Lára ẹ̀rọ tó gba Kòtónú wá pẹ̀lú èdè Faransé, "Puissance frigorifique" ni wọ́n ń pè é. Nọ́ńbà iwájú rẹ̀ lè jẹ́ Btu/h, ìyẹn ìwọ̀n ooru tí ẹ̀rọ ń kó kúrò nínú yàrá ní wákàtí kan, ó sì lè jẹ́ W tàbí kW. Bí ó bá jẹ́ wáàtì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.412, yóò di Btu/h. Fún àpẹẹrẹ, 3,500 W nígbà 3.412 jẹ́ 11,942, èyí tí gbogbo ọjà ń pè ní 12,000.

Ní Nàìjíríà, họ́sípáwà ni wọ́n fi ń tà á. 9,000 Btu/h, tó súnmọ́ 2,600 W, ni 1 HP. 12,000, tó súnmọ́ 3,500 W, ni 1.5 HP. 18,000, tó súnmọ́ 5,300 W, ni 2 HP. 24,000, tó tó 7,000 W, ni àwọn kan ń pè ní 2.5 HP tí àwọn mìíràn sì ń pè ní 3 HP, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibẹ̀, Btu/h ni kí ẹ máa sọ kí ìjà má bàa wà.

Ibi tí họ́sípáwà yìí ti wá wúlò láti mọ̀. Iná tí ẹ̀rọ ń jẹ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́, kì í ṣe ìtutù. Họ́sípáwà kan jẹ́ 746 wáàtì iná. Ẹ̀rọ 12,000 Btu/h tí kì í ṣe ínfátà, ìyẹn irú èyí tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ rẹ̀ kò lè yí iyára rẹ̀ padà, máa ń jẹ iná tó bí 1,100 wáàtì, ìyẹn họ́sípáwà kan ààbọ̀. Nítorí èyí, sítíkà máa ń ní nọ́ńbà wáàtì méjì, ọ̀kan fún ìtutù, ọ̀kan fún iná tó ń jẹ, tí wọ́n ń kọ "Rated Input" tàbí "Power Input" sí. Èyí tí ó tó ìlọ́po mẹ́ta èkejì ni ìtutù. Ẹni tó bá ka 1,100 W tó sì sọ ọ́ di ìlọ́po 3.412 yóò rí 3,753, yóò sì rò pé ẹ̀rọ náà kò lágbára rárá. Bí ìṣirò yín bá mú irú nọ́ńbà kékeré bẹ́ẹ̀ jáde, ìlà iná ni ẹ kà.

Àwọn ìlà mẹ́ta mìíràn tún máa ń ṣi ni lọ́nà. Ẹ̀rọ tó lè mú yàrá gbóná máa ń ní "Heating Capacity", tí nọ́ńbà rẹ̀ sábà máa ń ju ti ìtutù lọ. Ẹ fò ó. Ẹ̀rọ ínfátà máa ń kọ ọ́ báyìí: 3.5 (0.9–4.0) kW. Èyí tó wà níta àmì akọmọ ni agbára tí a ń tò ó sí. Àwọn tó wà nínú akọmọ ni ibi tó lè rẹlẹ̀ dé àti ibi tó lè ga dé. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ gbígbóná gan-an lè kọ ìtutù méjì, T1 àti T3. T1 ni ìwọ̀n nígbà tí ìta bá gbóná tó 35°C, T3 ni nígbà tó bá dé 46°C, T3 yóò sì kéré. T1 ni kí ẹ fi wé ti àwọn ẹ̀rọ yòókù.

Kí ẹ tó kúrò lórí sítíkà, ẹ wo ìlà iná. Ti wa jẹ́ 220–240V, 50Hz. Àwọn tòkunbọ̀ kan ti Japan ń lo 100V, àwọn kan láti Amẹ́ríkà sì ń lo 115V, 60Hz. Bí ẹ bá rí 100V tàbí 115V nínú fọ́tò, ẹ kìlọ̀ fún oníbàárà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí iná ilé wa yóò jó o bó ṣe gbé e sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì

Nígbà mìíràn ìlà ìtutù á ti parẹ́, ṣùgbọ́n módẹ́ẹ̀lì á kù, torí pé lẹ́tà rẹ̀ máa ń tóbi jù. Inú módẹ́ẹ̀lì ni agbára sábà máa ń fara pamọ́ sí, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà kọ ọ́. Ọ̀nà kìíní ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún Btu/h: 09, 12, 18, 24. Ọ̀nà kejì ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún wáàtì: 25 tàbí 26, 35, 50, 70 tàbí 71. Nítorí náà 12 àti 35 ń sọ ohun kan náà, 18 àti 50 sì súnmọ́ra.

Haier Thermocool máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú HSU, agbára á sì tẹ̀ lé e: HSU-12 jẹ́ 12,000. Panasonic ń lo CS fún apá inú, CU fún apá ìta. Ti Mitsubishi Electric, MSZ tàbí MSY ni apá inú, MUZ tàbí MUY ni apá ìta. Ti Daikin, FT ló bẹ̀rẹ̀ apá inú, R ló bẹ̀rẹ̀ apá ìta: FTXS35 àti RXS35 jẹ́ tọkọtaya, 3.5 kW. Gree ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GWC tàbí GWH, a sì máa ń rí "/I" lẹ́yìn ti inú, "/O" lẹ́yìn ti ìta. Samsung tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AR, bíi AR12, sábà máa ń ní N lẹ́yìn módẹ́ẹ̀lì apá inú àti X lẹ́yìn ti ìta.

Àwọn tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe fún títà ní ilẹ̀ China fúnra rẹ̀ ní ìlànà tiwọn, ó sì dára láti há a sórí nítorí ilé iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀ ló ń lò ó. Ẹ wo KFR-35GW. K ni amúlétutù yàrá, F ni pé ó jẹ́ alápá méjì, R ni pé ó lè mú yàrá gbóná, 35 ni 3,500 W ìtutù, G ni apá inú tí à ń so mọ́ ògiri, W ni apá ìta. Bí ẹ bá rí KFR-35G, sítíkà apá inú nìyẹn. KFR-35W ni ti ìta. Bí kò bá sí R, tó jẹ́ KF-35GW, ìtutù nìkan ló ń ṣe.

Kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà inú módẹ́ẹ̀lì ni agbára. Ẹ má ṣe ka nọ́ńbà inú orúkọ gáàsì, bíi R22, R32 tàbí R410A, mọ́ ọn, ẹ sì rántí pé àwọn nọ́ńbà ìparí sábà máa ń jẹ́ ti ẹ̀yà àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ fi ìlà iná yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ tí kì í ṣe ínfátà máa ń fa nǹkan bí 3.5 A bí ó bá jẹ́ 9,000, bí 5 A fún 12,000, bí 7 A sí 8 A fún 18,000, àti bí 10 A fún 24,000. Nítorí náà, bí nọ́ńbà ìkejì inú "1?" bá ti ṣá tí ẹ kò mọ̀ bóyá 12 ni tàbí 18, 7.4 A tó wà nísàlẹ̀ ti dá a láre: 18 ni. Ẹ má ṣe lo ọgbọ́n yìí lórí ínfátà. Iná tó ń jẹ lórí agbára kan náà kéré sí ti àtijọ́, àwọn kan sì ń kọ iná tó pọ̀ jù lọ tó lè fà, kì í ṣe èyí tó ń fà lójoojúmọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí sítíkà bá ti lọ pátápátá

Ẹ kọ́kọ́ rántí pé sítíkà kan ṣì lè wà nínú. Lẹ́yìn ìdérí kékeré tí wáyà ń gbà wọ apá ìta, ilé iṣẹ́ sábà máa ń lẹ àwòrán wáyà mọ́ ọn, módẹ́ẹ̀lì sì lè wà ní igun rẹ̀. Oòrùn kì í dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ni kó ṣí i, lẹ́yìn tó bá ti pa bíréékà, nítorí kàpásítọ̀ inú rẹ̀ lè di iná mú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa iná.

Bí ìyẹn náà kò bá sí, fọ́tò ìkarùn-ún ni ká mú jáde. Páìpù méjì ló máa ń wọ apá ìta, tín-ín-rín àti nínípọn. Láti 9,000 dé 18,000, tín-ín-rín máa ń jẹ́ ínṣì 1/4. Nínípọn ni ó ń yí padà: ínṣì 3/8 fún 9,000, 3/8 tàbí 1/2 fún 12,000, 1/2 fún 18,000, 5/8 fún 24,000. Fóòmù dúdú ló máa ń bo páìpù, ìwọ̀n fóòmù kò sì sọ ìwọ̀n páìpù fún wa. Nọ́ọ̀tì tó dì í mọ́ fáàfù ni kí ẹ wò, nítorí òun wà ní ìhòòhò.

Ẹwà ọ̀nà yìí ni pé a kò nílò láti mọ bí fóònù ṣe jìnnà tó. Nọ́ọ̀tì méjèèjì wà nínú fọ́tò kan náà, ní ọ̀nà jíjìn kan náà, nítorí náà ẹ kàn fi rúlà wọn fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà, láti ojú pẹlẹbẹ kan sí ojú pẹlẹbẹ tó dojú kọ ọ́, kí ẹ sì fi kékeré pín ńlá. Nọ́ọ̀tì 1/4 gba sípánà 17 mìlímítà, ti 3/8 gba 22. Ti 1/2 gba 24 lára ẹ̀rọ R22, àti 26 lára R410A. Ti 5/8 gba 27 lára R22, àti 29 lára R410A. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bí 1.3, páìpù 1/4 àti 3/8 ni. Bí ó bá wà láàárín 1.4 àti 1.5, páìpù 1/4 àti 1/2 ni. Bí ó bá jẹ́ 1.6 tàbí 1.7, páìpù 1/4 àti 5/8 ni.

Ìdẹkùn kan wà níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ 24,000 kan ń lo 3/8 fún tín-ín-rín àti 5/8 fún nínípọn. 29 tí a fi 22 pín jẹ́ 1.32, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti 9,000 dọ́gba. Odindi apá ìta ni yóò là á: ti 24,000 gbòòrò, ó sì ga ju ti 9,000 lọ débi pé ojú lásán á rí i, pàápàá bí búlọ́ọ̀kù bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò ẹ̀kẹta fi wà.

Nísinsìnyí, fífẹ̀ apá inú. Ti 9,000 àti 12,000 sábà máa ń wà láàárín 70 sí 85 sẹ̀ǹtímítà, ti 18,000 máa ń súnmọ́ 90 sí 97, ti 24,000 sì máa ń kọjá 100. Ilé iṣẹ́ púpọ̀ ń lo ara ike kan náà fún 9,000 àti 12,000, nítorí náà fífẹ̀ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wo iwájú nìkan tó sì sọ pé "1.5 HP ni, kì í ṣe 1 HP" ń tafà lókùnkùn ni. Ohun tí fífẹ̀ ń ṣe dáadáa ni láti ya 12,000 sọ́tọ̀ kúrò lára 18,000.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́ nìyí. Ṣíwíìṣì tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan jẹ́ 8.6 sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀, oníbejì jẹ́ 14.6. Ẹ ṣí fọ́tò náà lójú kọ̀ǹpútà, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ká sọ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan jẹ́ 13 mìlímítà lójú kọ̀ǹpútà, tí amúlétutù sì jẹ́ 120. Ẹ fi 13 pín 120, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 8.6, yóò jẹ́ 79.4 sẹ̀ǹtímítà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí. Iwájú amúlétutù yọ síta tó bí 20 sẹ̀ǹtímítà kúrò lára ògiri, ohun tó bá sì súnmọ́ kámẹ́rà máa ń tóbi jù. Bí ẹni tó yà á bá dúró ní mítà 3 sí ògiri, mítà 2.8 ni iwájú ẹ̀rọ náà wà sí i. Nítorí náà, 79.4 nígbà 2.8, kí ẹ fi 3 pín in, ó di 74. Ẹ̀rọ 9,000 tàbí 12,000 ni. Ẹ tún kíyè sí i pé bí rúlà bá ṣì mìlímítà kan péré lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 mìlímítà, ìdáhùn yóò fi bíi sẹ̀ǹtímítà 6 yàtọ̀. Bí oníbejì tàbí táìlì ògiri tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ bá wà, ẹ lò ó dípò ẹyọ kan. Kí ẹni tó ń yà á sì dúró ní iwájú gan-an, kì í ṣe ní igun, nítorí láti igun, ẹ̀rọ á kúrú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ilé iṣẹ́ wo ló ṣe é

Àmì tó wà níwájú ni ẹ̀rí tó rọrùn jù láti yí. Bí ìdérí iwájú bá fọ́, oníṣẹ́ lè fi ti ẹ̀rọ mìíràn tó bá a mu rọ́pò rẹ̀. Sítíkà orúkọ sì wà lọ́jà tí ẹnikẹ́ni lè rà lẹ̀ mọ́ ọn. Orúkọ tó yẹ ká gbà gbọ́ ni èyí tó wà lórí sítíkà ilé iṣẹ́, pẹ̀lú ìlànà módẹ́ẹ̀lì tó bá a lọ. Àmì Panasonic níwájú àti sítíkà tí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CS lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun tó ń fẹ́ àlàyé.

Rìmóòtù náà máa ń ṣẹ̀rí. Ẹ ní kí wọ́n ya ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí inú ibi bátìrì. ARC ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ti Daikin, A75C ti Panasonic, AKB ti LG, RG57 sì jẹ́ ọ̀kan nínú ti Midea. Ṣùgbọ́n rìmóòtù máa ń sọnù, àwọn ènìyàn á ra èyí tó ń bá gbogbo ilé iṣẹ́ ṣiṣẹ́. Irú èyí kò lè jẹ́rìí sí ohunkóhun.

Ẹ ṣọ́ra fún fọ́tò kọ̀mpírẹ́sọ̀. Ènìyàn á ṣí apá ìta, á rí GMCC, Highly tàbí Landa lára kọ̀mpírẹ́sọ̀, á sì sọ pé ilé iṣẹ́ amúlétutù náà nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀mpírẹ́sọ̀ nìkan ni. GMCC jẹ́ ti ẹbí Midea, Landa jẹ́ ti Gree, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ra kọ̀mpírẹ́sọ̀ lọ́wọ́ wọn sínú ẹ̀rọ tiwọn. Bákan náà, wọ́n lè ti pààrọ̀ kọ̀mpírẹ́sọ̀ náà rí.

Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹnì kan ní Ìbàdàn fẹ́ ra tòkunbọ̀ kan tí ẹni tó ń tà á pè ní "1.5 HP, apá méjèèjì bára mu." Fọ́tò márùn-ún dé. Àmì kan náà ló wà lára inú àti ìta. Sítíkà apá inú mọ́ kedere: KFR-35G, 3,500 W, R410A. Sítíkà apá ìta ti ṣá. Ohun tó hàn nínú módẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni KFR-2, nọ́ńbà kan tó ti parẹ́, àti W. Nísàlẹ̀, 220V, 50Hz, 3.6 A, R22 ṣì hàn. Ní ti páìpù, nọ́ọ̀tì kékeré jẹ́ 34 mìlímítà lójú kọ̀ǹpútà, ńlá jẹ́ 44.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti apá inú. 35 jẹ́ 3,500 W, ìyẹn 12,000 Btu/h. Ẹni tó ń tà á kò purọ́ lórí èyí.

Ní ti apá ìta, nọ́ńbà tó parẹ́ kò dí wa lọ́wọ́. Bó ti wù kó jẹ́, 2 ló ṣáájú rẹ̀: 23, 25 tàbí 26, gbogbo wọn kò kọjá 2,900 W. Ká sọ pé 26 ni, 2,600 nígbà 3.412 jẹ́ 8,871 Btu/h. Ìlà iná tì í lẹ́yìn: 220 nígbà 3.6 jẹ́ 792 wáàtì, tí a bá sì fi 746 pín in, ó lé díẹ̀ ní họ́sípáwà kan. Apá ìta yìí, 9,000 ni.

Páìpù ńkọ́? 44 tí a fi 34 pín jẹ́ 1.29, ìyẹn 1/4 àti 3/8. Ó bá 9,000 mu, ṣùgbọ́n ó bá 12,000 mu pẹ̀lú, nítorí náà kò fi kún ohun tí a mọ̀. Ká ní páìpù nìkan la ní, ọwọ́ wa ì bá ṣófo níbí. Fífẹ̀ náà kì bá ràn wá lọ́wọ́, nítorí 9,000 àti 12,000 jọra.

Ìlà gáàsì ló wá parí rẹ̀. Inú ń sọ R410A, ìta ń sọ R22. Ilé iṣẹ́ kì í fi gáàsì méjì ṣe tọkọtaya kan. Àmì kan náà lára méjèèjì kò ní ìtumọ̀ mọ́: ẹ̀rọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n so pọ̀.

Èsì tó yẹ kí ẹni tó ń rà á gbà ni pé 1 HP ni agbára rẹ̀, owó 1 HP ni kó san. Bí ó bá ṣì fẹ́ ẹ, R22 tí sítíkà apá ìta kọ ni gáàsì tí wọ́n máa fi sí i, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fọ apá inú náà dáadáa kí wọ́n tó so ó, nítorí òróró tí ẹ̀rọ R410A ń lò yàtọ̀ sí ti R22. Ó yẹ kó tún mọ̀ pé apá inú tó tóbi ju apá ìta lọ kì í tutù tó bó ṣe yẹ lára irin rẹ̀, nítorí náà omi inú afẹ́fẹ́ tó ń fà jáde á dín kù. Yàrá lè tutù kó sì máa rin, pàápàá lákòókò òjò. Bí ó bá jẹ́ òdìkejì rẹ̀ ni, tí apá ìta tóbi ju ti inú, yìnyín ni yóò máa dì lára apá inú, omi á sì máa kán sórí ògiri nígbà tó bá yọ́. Èyí tó léwu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni apá inú R22 tí wọ́n so mọ́ apá ìta R410A, nítorí ìfúnpá R410A tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ti R22 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, apá inú náà lè bẹ́. Bí fọ́tò sítíkà méjèèjì bá fi irú rẹ̀ hàn, kí oníbàárà má ṣe rà á, iye yòówù kí wọ́n pè é.